Ẹ̀gbin tí Àkìtàn Gbọ́dọ̀ Kọ̀

 

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, èèpo iṣu, ewé, eérú àti àkísà ni wọ́n ń dà sí àkìtàn. Òjò á rọ̀ sí i, kòkòrò á jẹ ẹ́, tó bá di ọdún kejì, àgbàdo tí ẹnikẹ́ni ò gbìn á yọ níbẹ̀, á sì tóbi ju ti oko lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ti wọ ilé wa báyìí tí àkìtàn ò lè jẹ. Pánò oòrùn àti bátìrì rẹ̀ ni. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń gbé wọn wọ abúlé wa, sí ilé ìwòsàn, sí ilé ẹ̀kọ́, sí orí òpó iná ojú títì. Àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn ti ń kú. Ọ̀rọ̀ òkú wọn ni mo bá wá lónìí.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Kétu ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Ní 2014, àwọn alátìlẹ́yìn kan wá fún wa ní iná oòrùn: pánò mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wáàtì 250, àti bátìrì olójé mẹ́jọ. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, àwọn bátìrì olójé ti rẹ̀. Ní 2019, ẹlòmíràn gbé àpótí bátìrì lítíọ́mù kan wá láti fi rọ́pò wọn. Ní ọdún tó kọjá, àpótí yẹn náà dákẹ́. Láàárín ìgbà yẹn, ìjì já pánò méjì bọ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé, òkò ọmọdé sì fọ́ ọ̀kan. Nígbà tí dirẹ́kítọ̀ wa ní kí n ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú yàrá ẹrù, ohun tí mo kọ sínú ìwé nìyí: òkú pánò mẹ́ta, àpótí lítíọ́mù kan tó wúwo tó kílò 45, àti lámpù oòrùn kéékèèké 31 tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ nígbà kan rí, tí kò tàn mọ́.

Mo bi ara mi pé: àwọn bátìrì olójé mẹ́jọ ńkọ́? Wọn ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti lọ tipẹ́. Ọdún tí wọ́n kú gan-an ni àwọn onífẹ́ráyì, àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù, ti wá rà wọ́n. Wọ́n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, wọ́n sanwó, wọ́n kó wọn lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní láti ṣèpàdé lórí wọn.

Mo wá ní kí a pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá wo àwọn ohun tó kù. Ó dé, ó yí pánò kan síwá sẹ́yìn, ó fi èékánná kan férémù rẹ̀. Ó ní: “Mẹ́tìrì, àlùmíníọ́mù ni èyí, mo máa rà á. Okùn bàbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà, mo máa rà á. Dígí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbí.” Mo fi àpótí lítíọ́mù hàn án. Ó gbìyànjú láti gbé e, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní: “Eléyìí, mi ò mọ ẹni tí màá tà á fún.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló la ojú ọ̀rọ̀ yìí fún mi ju ìwé èyíkéyìí lọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, owó ló ń ṣa ìdọ̀tí. Ohun tó bá lówó lórí á fúnra rẹ̀ rin lọ. Ohun tí ò bá lówó lórí á jókòó tì wá. Ohun tó sì ní owó díẹ̀ lára, wọ́n á ya ibi tí owó wà kúrò, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀, ìyókù yẹn á wá burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí pánò. Pánò wáàtì 250 bíi tiwa wúwo tó kílò 19. Nínú kílò 19 yẹn, dígí nìkan tó kílò 13 tàbí 14. Férémù àlùmíníọ́mù tó yí i ká tó nǹkan bíi kílò méjì. Ìyókù jẹ́ ike, àwọn abala sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń sọ oòrùn di iná, bàbà díẹ̀, àti fàdákà tí kò tó gíráàmù 10. Férémù nìkan ni onífẹ́ráyì lè fi ọwọ́ yọ. Owó férémù pánò wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àpapọ̀ kílò mẹ́fà, kò lè ra àpò ìrẹsì kan.

Kí ló wá dé tí wọn ò lè yọ ìyókù? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe pánò ló fà á. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀mọ́ oníke kan lẹ dígí, sílíkọ́nì àti ike ẹ̀yìn mọ́ra, wọ́n fi iná àti agbára tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo rẹ̀ fi di ara kan ṣoṣo. Ìdí tí pánò fi lè wà lórí òrùlé fún ọdún 25 láìjẹ́ kí omi wọlé nìyẹn. Ohun kan náà tó jẹ́ kó pẹ́ láyé ni kò jẹ́ kó ṣeé tú lẹ́yìn ikú. Ní ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà, wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ gbígbóná là á, tàbí kí wọ́n fi í sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi dígírì 500 kí lẹ́ẹ̀mọ́ náà lè jó kúrò, wọ́n á sì gba èéfín rẹ̀ kí ó má tú sí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi taya jó o ní ẹ̀yìnkùlé ò ní ohun tí yóò fi gba èéfín. Ike ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ pánò ní fulúórì nínú, èéfín rẹ̀ sì máa ń jẹ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró.

Bí wọ́n ṣe ń yọ férémù gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á fi òòlù lu igun rẹ̀ títí yóò fi yà. Férémù ló di dígí mú ṣinṣin, nítorí náà tí ó bá ti kúrò, dígí á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò sì ní dà sílẹ̀ kí a gbá a, torí pé lẹ́ẹ̀mọ́ dì í mú. Á wá rọ̀ bí ẹní tí wọ́n rẹ sínú omi, ẹrún dígí á máa bọ́ lára rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e gbà. Òjé díẹ̀ tún wà nínú ohun tí wọ́n fi so àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí pánò bá ṣì pé, dígí ń bo òjé náà. Tí ó bá ti fọ́, tí a wá jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kànga, òjò ti rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Odindi pánò ṣeé kó jọ, ṣeé dì mọ́ra, ṣeé fi ọkọ̀ gbé. Èyí tí wọ́n ti gba férémù rẹ̀ ti di ẹrù tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn. Nítorí kílò méjì àlùmíníọ́mù, kílò 17 ti di wàhálà.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: pánò tó fọ́ ò tíì kú. Bí oòrùn bá ti ràn sí i, iná á ṣì máa jáde lẹ́nu okùn rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo bíi tiwa lè mú fólùtì 37 jáde. Tí mẹ́fà bá ṣì so pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ti kọjá 200, ìyẹn sì lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kí ó kọ́kọ́ da ojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí kí ó fi aṣọ nípọn bò ó.

Èkejì ni bátìrì olójé, èyí tó lówó lórí. Ẹlòmíràn lè rò pé tí owó bá ti wà, ìṣòro ti tán nìyẹn. Rárá o. Ju ìdajì ìwúwo bátìrì olójé lọ ló jẹ́ òjé, òjé sì rọrùn láti yọ́, iná èédú lásán tó o. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi lè sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ di ilé iṣẹ́. Wọ́n á da omi kíkan inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi àáké la ike rẹ̀, wọ́n á yọ́ òjé sínú ìkòkò. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dàkáà ní Sẹ̀nẹ̀gáàlì. Láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọdé 18 kú ní àdúgbò kan ṣoṣo, nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ti kún fún òjé, àwọn ará àdúgbò sì ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà láti ṣa òjé inú rẹ̀ tà. Owó ló kó bátìrì dé ibẹ̀, owó náà ló sì jẹ́ kí wọ́n máa sẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ pé lítíọ́mù ò lówó lórí, kì í ṣe pé mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ṣá wá rà á.

Lítíọ́mù wá ni ẹ̀kẹta, òun ló sì gba àkókò mi jù. Mo lọ pe ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tó ń tún iná oòrùn ṣe, ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi rọ́bà wé ọrùn ìṣokùn rẹ̀, kí irin má baà so ẹnu méjì pọ̀ nínú àpótí náà, torí pé iná tó máa tú jáde níbẹ̀ lè yọ́ irin. Gbogbo òwúrọ̀ la fi ṣí i. Ìdajì ìdè rẹ̀ nìkan ni ìṣokùn ń ṣí, lẹ́ẹ̀mọ́ ni wọ́n fi ṣe ìyókù. Nínú rẹ̀, a rí ọmọ bátìrì 16 tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò méjì, àti ẹ̀rọ aṣọ́nà kékeré kan tó ń wo gbogbo wọn. A rí i kà lára wọn pé `LiFePO4` ni, 3.2 fólùtì.

Ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà láàárín 3.28 àti 3.30. Ìkẹrìndínlógún wà ní 1.1, ikùn rẹ̀ sì ti wú díẹ̀. Ohun tó pa àpótí wa nìyẹn. Iṣẹ́ aṣọ́nà ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwa ní tiwa rò pé àpótí ti kú pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ kan nínú 16 ló kú.

Mo ní: “Ó dára, àwọn 15 yìí ṣì dára nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Mẹ́tìrì, a ò tíì mọ̀. Irú bátìrì yìí máa ń pa irọ́ pẹ̀lú ojú tó mọ́.” Ó ṣàlàyé fún mi pé bóyá irú ọmọ bátìrì yìí lágbára o, bóyá ó ti gbó o, 3.3 ni yóò máa fi hàn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ohun tó lè sọ òótọ́ ni kí a kún un, kí a wá fi í tan iná, kí a ka wákàtí.

Ohun tí a ṣe nìyẹn, mo sì fi í ṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. A so mẹ́rin pọ̀. Mẹ́rin lọ́nà 3.2 jẹ́ 12.8. Nígbà tó jẹ́ tuntun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 100 gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sí i lára. Nítorí náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 1,280, ìyẹn ni pé lámpù wáàtì 40 yẹ kó tàn lórí wọn fún wákàtí 32. A kún wọn, a tan lámpù náà, àwọn ọmọ pín ara wọn láti máa wo aago. Wákàtí 23 ló tàn kó tó kú. Tí ẹ bá pín 23 sí 32, ẹ ó rí i pé ó fi díẹ̀ lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá. Bátìrì tó ṣì ní ìdá méje nínú agbára rẹ̀ kì í ṣe òkú. Kò ní lè ṣe iṣẹ́ ńlá mọ́, ṣùgbọ́n ó lè tan iná kíláàsì ní alẹ́. Bí a ṣe rí i nìyí: 12 nínú wọn di ìdì mẹ́ta, ìdì kọ̀ọ̀kan sì ní aṣọ́nà tirẹ̀. Méjì ń tan iná kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì dirẹ́kítọ̀. Mẹ́ta dúró bí ìrọ́pò.

Ọ̀kan tó kú ló kù. Mo ní ṣé a ò lè fi iná díẹ̀díẹ̀ jí i ni? Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tí ọmọ bátìrì bá ti wà ní ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ báyìí, bàbà inú rẹ̀ á ti máa yọ́ sínú omi rẹ̀. Tí ẹ bá wá fi iná sí i, bàbà yẹn á lẹ̀ padà níbi tí kò yẹ, á sì máa hù bí abẹ́rẹ́ títí yóò fi so apá méjì tí kò gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn pọ̀. Ibẹ̀ ni gbígbóná ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta iná “jíjí bátìrì” ní ọjà, ẹ ṣọ́ra fún wọn.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò ra ohun tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù, nígbà tí rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé gbogbo ayé ń wá a? Ẹ jẹ́ ká tún ṣe ìṣirò. Nínú ọmọ bátìrì kílò méjì yìí, lítíọ́mù fúnra rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 30, kò tó ìwúwo ẹyin adìẹ kan. Nínú odindi àpótí kílò 45, kò ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ. Ìyókù jẹ́ irin, fọ́sífọ́rù, bàbà, àlùmíníọ́mù, èédú òyìnbó tó dà bíi ti inú pẹ́ńsùlù, ike àti omi tó ń jó. Bátìrì tẹlifóònù ní kóbáltì nínú, kóbáltì sì wọ́n, nítorí náà àwọn kan wà tó ń wá a. Irú tiwa yìí kò ní kóbáltì, kò ní níkẹ́lì. Àìní náà ló jẹ́ kó dín owó, kó má sì tètè gbaná, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́. Òun náà ló jẹ́ kí òkú rẹ̀ má lówó lórí. Ilé iṣẹ́ tó ń tú u máa ń lọ̀ ọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè ràn án lọ́wọ́ láti jó, wọ́n á rí ẹbu dúdú kan, wọ́n á sì fi kẹ́míkà fa ohun tó wà nínú ẹbu náà yọ. Iṣẹ́ yẹn lè náni ju ohun tí wọ́n máa rí nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó ni òkú ni yóò sanwó kí wọ́n tó gbà á.

Ká tiẹ̀ sọ pé a rówó san, ọ̀nà jìn. Ọkọ̀ ojú omi kì í gbé ẹyọ kan. Kí kóntẹ́nà kan tó lè gbé tọ́ọ̀nù 20 tó kún, a nílò àpótí bíi tiwa tó 440. Wọn ò sí ní Kétu nìkan, a fi kí ẹnì kan kó wọn jọ láti gbogbo orílẹ̀-èdè, kó sì ní ilé tó dára láti kó wọn sí fún oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé. Orílẹ̀-èdè wa wà nínú Àdéhùn Básẹ̀lì ti 1989, èyí tó ní kí ìdọ̀tí eléwu má kọjá ẹnu ibodè àfi tí orílẹ̀-èdè tó ń lọ àti gbogbo èyí tó máa gba ibẹ̀ kọjá bá ti fi ìwé gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, òfin náà ti kan gbogbo ìdọ̀tí ohun èlò oníná, yálà a kà á sí eléwu tàbí a ò kà á sí. Òfin rere ni, torí òun ni kò jẹ́ kí wọ́n máa da tiwọn sí wa lórí bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ló ti mọ́ tiwa síbí.

Ẹlòmíràn á ní: ṣebí Èkó wà nítòsí? Òótọ́ ni, àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Èkó tó ti bẹ̀rẹ̀ sí gba bátìrì lítíọ́mù àlòkù. Láti Kétu, gba Ìlàrá, Èkó sún mọ́ wa ju ilẹ̀ Faransé lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Ẹ sì mọ ohun tó ń gba ọ̀nà yẹn kọjá lórí ọ̀kadà ní alẹ́. Àmọ́ ẹnu ibodè ni ẹnu ibodè. Bátìrì tó wú, tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Títí ọ̀nà yóò fi là, ohun tí a lè ṣe ni kí a tọ́jú òkú náà dáadáa. Bí a ṣe ṣe tiwa nìyí. A fi téépù iná bo ẹnu méjèèjì ọmọ bátìrì tó kú, a gbé e sínú garawa tí yanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, a da yanrìn lé e. A tú àwọn lámpù kéékèèké, a yọ bátìrì inú wọn tó rí bí ìka ọwọ́, a bo ẹnu wọn bákan náà, a tò wọ́n sínú garawa mìíràn láìjẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn. Àwọn garawa náà kò sí nínú kíláàsì, wọn ò sí nítòsí igi ìdáná. Abẹ́ àjà tó ní òjìji ni wọ́n wà, níbi tí òjò àti oòrùn ò dé. Tí ẹ bá rí bátìrì tó wú, tó ń gbóná láìsí ohun tó so mọ́ ọn, tó ń ṣe bí ẹni ń mí “ṣíì”, tàbí tí òórùn dídùn kan tó jọ ti oje ìkunkáná ń jáde lára rẹ̀, ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà kíá, kí ẹ má dúró níbi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín rẹ̀ lọ. Ẹ má jù ú sí ṣáláńgá, ẹ má sì dà á mọ́ ìdọ̀tí tí ẹ fẹ́ sun.

Gbogbo èyí, ìtọ́jú òkú ni. Ta ni yóò wá sin ín? Mo wo bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ra pánò níbẹ̀ máa ń san owó kékeré kan mọ́ owó ọjà, ní ọjọ́ tó rà á gan-an. Owó yẹn ni wọ́n fi ń kó pánò tó kú jọ, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní 2018, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan ní Rúsẹ̀, lẹ́bàá Màsẹ́yì, fún pánò nìkan. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé ìdọ̀tí wọn lówó lórí ju tiwa lọ. Pánò kan náà ni. Wọ́n kàn gba owó ìsìnkú ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni.

Níbí yìí, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan la máa ń ṣe. A máa ń lu ìlù, a máa ń ya fọ́tò, alátìlẹ́yìn á padà sílé. Ní Illoulofin, ní Onígbólò, nínú kọ́múùnù Ìpobẹ̀, ibùdó iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 25 ti wà láti 2022. Ibi ńlá bẹ́ẹ̀ ní olówó, ó ní ìwé, a sì mọ ilẹ̀kùn tí a máa kàn ní ọjọ́ tí pánò rẹ̀ bá gbó. Lámpù 31 tí wọ́n pín fún ọmọ abúlé ò ní ilẹ̀kùn kankan.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn kan tún wá pé àwọn fẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní iná oòrùn tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ọpẹ́, bàbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ka ìbéèrè mẹ́ta tí a ti kọ sílẹ̀. Irú bátìrì wo ni, ṣé a kọ ọ́ sí i lára? Ṣé ìṣokùn lásán lè ṣí àpótí náà, kí ọmọ kan tó kú má baà pa 15 tó yè? Ní ọjọ́ tó bá kú pátápátá, ta ni yóò wá gbé e, ṣé ẹ lè kọ orúkọ rẹ̀ síbí? Wọ́n dáhùn méjì àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa padà wá lórí ẹ̀kẹta.

Pánò tuntun náà ò tíì dé. Àwọn òbí ò tíì fọwọ́ sí ìwé. Àwọn kan ní abúlé ń bínú, wọ́n ní ṣé nítorí ìdọ̀tí ọjọ́ iwájú la fi máa jókòó sínú òkùnkùn òní. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára bí mo ṣe ń ṣàtúnṣe ìwé ọmọ lábẹ́ lámpù tó ní ìdá méje agbára. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Tógò, tí irú ìbéèrè kẹta yìí bá ti rí ìdáhùn ní ọ̀dọ̀ yín, tí ẹnì kan bá ti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ṣe é.